Ìpara inú ike tí kò lórúkọ: ohun tí fọ́tò kò lè fi hàn nípa sítẹ́rọ́ìdì àti mẹ́kúrì

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ní ilé ìtọ́jú awọ ara. Àwọn èèyàn máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: ike funfun kan, ọmọrí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìpara inú rẹ̀ ń dán, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan lára ike náà. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e kì í ju ẹyọ kan lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé eléyìí dáa?" Mo ti dáhùn ún ní kúkúrú fún ọ̀pọ̀ èèyàn, mo sì rí i pé ìdáhùn kúkúrú kì í tó wọn. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún. N kò kọ ọ́ láti bá ẹnikẹ́ni wí nítorí pé ó fẹ́ kí ara òun mọ́ sí i. Ohun tó ń já mi láyà ni pé ẹni náà kò mọ ohun tó ń fi para. Ohun méjì tí mò ń bẹ̀rù jù nínú irú ìpara abóra bẹ́ẹ̀ ni sítẹ́rọ́ìdì, ìyẹn oògùn tó ń pa ìwúlé, àti mẹ́kúrì, ìyẹn irin olóró kan.

Mo ya fọ́tò ìpara náà dáadáa, nínú ìmọ́lẹ̀. Ṣé ẹ kò lè fojú mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni?

N kò lè mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó lè fojú mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára jù lọ tí wọ́n ń pò mọ́ ìpara ni kílóbẹ́tásọ́ọ̀lù. Nínú ojúlówó oògùn tí dókítà ń kọ fún aláìsàn, ìdá 0.05 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bí ike kan bá gba gíráàmù 100, mílígíráàmù 50 nìkan ni oògùn náà. Gbogbo èyí tó kù jẹ́ ọ̀rá, omi àti òórùn dídùn. Iye tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè yí àwọ̀ ìpara padà, kò lè mú un ki, kò sì lè mú un rùn.

Ti mẹ́kúrì náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Kì í ṣe mẹ́kúrì olómi tó ń dán bíi fàdákà ni wọ́n ń lò, iyọ̀ rẹ̀ ni, èyí tó máa ń rí bí ìyẹ̀fun funfun tí kò ní òórùn. Òótọ́ ni pé àwọn ìpara mẹ́kúrì kan máa ń rí bí eérú, tàbí kí wọ́n ṣú bí ìmọ́lẹ̀ bá ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìpara mìíràn tó ní mẹ́kúrì nínú funfun báláú, òmíràn sì ní àwọ̀ ìyeyè nítorí aró tí wọ́n fi sí i. Torí náà, bí ìpara bá rí bí eérú, ẹ fura. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe torí ìyẹn fọkàn balẹ̀.

Ike nìkan ni fọ́tò fi hàn mí. Kò fi ọwọ́ tó po ìpara náà hàn mí, kò fi ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn hàn mí, kò sì sọ fún mi bóyá ike tí ẹ rà lóṣù tó kọjá àti èyí tí ẹ rà lánàá jẹ́ ohun kan náà. Ẹni tó ń po ìpara nínú abọ́ ńlá kì í lo òṣùwọ̀n. Ó lè da ìwọ̀n kan sí i lónìí, kó sì da ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ sí i lọ́la, ojú ike méjèèjì yóò sì jọra bí ìbejì.

Ó mú ojú mi jọ̀lọ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún péré. Ṣé ohun tó burú lè ṣe irú iṣẹ́ yìí?

Bó ṣe yá tó yìí gan-an ló ń kọ mí lóminú. Awọ ara kì í yára bẹ́ẹ̀. Awọ tuntun tó ń hù láti ìsàlẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó dé òkè. Ohunkóhun tó bá yí ojú padà láàárín ọjọ́ mélòó kan ń ṣe nǹkan mìíràn lábẹ́ awọ.

Ohun tí sítẹ́rọ́ìdì ń ṣe rèé. Láàárín wákàtí díẹ̀ tí ó bá kan awọ, ó máa ń fún àwọn òpójẹ̀ kéékèèké lábẹ́ rẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ á sì funfun. Èyí dájú débi pé òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n agbára sítẹ́rọ́ìdì: wọ́n á fi sára awọ, wọ́n á sì wo bí ibẹ̀ ṣe funfun tó. Ó tún máa ń pa ìwúlé àti ìyún, nítorí náà ìrorẹ́ àti ara sísú á rọlẹ̀, ojú á tẹ́jú. Lẹ́yìn náà ló máa ń dín iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè mẹ́láníìnì kù, ìyẹn ohun tó ń mú awọ wa dúdú. Gbogbo èyí dùn-ún wò nínú fọ́tò. Ohun tí ẹ kò rí ni pé oògùn kan náà ń dá awọ dúró láti tún ara rẹ̀ ṣe, awọ á sì máa fẹ́lẹ́ sí i lójoojúmọ́.

Ọ̀nà ti mẹ́kúrì yàtọ̀. Ẹ́ńsáìmù kan wà tí ara fi ń pèsè mẹ́láníìnì, ó sì nílò kọ́pà kó tó lè ṣiṣẹ́. Mẹ́kúrì á gbapò kọ́pà yẹn, iṣẹ́ á sì dá dúró. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ta á fi lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìpara òun ń ṣiṣẹ́. Kò purọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ibi tó ń lọ lẹ́yìn tó bá ti wọ inú ara tán ni kò sọ.

Bí mo bá dá a dúró, ojú mi máa ń gbóná, á pọ́n, á sì yọ ìrorẹ́. Ṣé èyí kò fi hàn pé ara mi nílò rẹ̀?

Mo mọ ìnira tó wà nínú ìbéèrè yìí, nítorí mo ti rí ojú tó wú tí olúwa rẹ̀ kò lè sùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn òpójẹ̀ tí oògùn ti fún pọ̀ fún oṣù mélòó kan ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ìwúlé tó ti ń bò mọ́lẹ̀ sì dìde. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè pẹ́ ju oṣù kan lọ, pàápàá lójú, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́. Ẹni tó ń la èyí kọjá á wá parí èrò sí pé ìpara ló ń tọ́jú òun àti pé dídá a dúró ni àìsàn. Á padà sídìí ike náà, ojú á rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ á sì wá jọ òótọ́ lójú rẹ̀.

Bí ìpara kan bá ń pè yín padà báyìí, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé sítẹ́rọ́ìdì wà nínú rẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi fi ẹ̀rí hàn mí pé kò sí. Ìpara ọ̀rá lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn.

Mo fi fọ́tò ojú àti apá mi ránṣẹ́. Kí ni ẹ rí, kí ni ẹ kò sì rí?

Ẹ jẹ́ kí n fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Láti inú irú ohun tí à ń rí léraléra ni mo ti to ìtàn rẹ̀ pọ̀. Ẹni ọdún 34 ni. Ó ti ń lo ìpara inú ike tí kò lórúkọ fún oṣù 11, láàárọ̀ àti lálẹ́, láti ojú dé ẹsẹ̀. Ó fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́. Èkíní ni ike náà. Èkejì ni ojú rẹ̀, tó mọ́ tó sì jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹta ni àpá kan ní apá rẹ̀, tó pupa díẹ̀, tí kò ní etí tó ṣe kedere. Ìyẹn nìkan ló kà sí àìsàn. Ohun tó fẹ́ kò ju oògùn tí yóò lò sí i lọ.

Fọ́tò ojú yẹn kò wúlò fún mi. Ọ̀pọ̀ fóònù máa ń dán ojú fúnra wọn kí ẹni tó ń yà á tó fọwọ́ kan nǹkankan, wọ́n sì máa ń yí àwọ̀ padà gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ inú yàrá. Lára awọ dúdú, pípọ́n kì í hàn bíi pupa. Ó máa ń ṣú, tàbí kó rí bíi àwọ̀ àlùkò, kámẹ́rà sì máa ń pa á rẹ́. Awọ tó ti fẹ́lẹ́ pẹ̀lú, ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n: bí mo bá fi ìka méjì gbé e sókè, á wúnjọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi bébà tí wọ́n fi ń wé nǹkan. Kò sí fọ́tò tó lè ṣe èyí fún mi.

Mo wá bi í ní ohun tí fọ́tò kò sọ: ike mélòó ló ń lò lóṣù? Ó ní mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 100. Gíráàmù 300 lóṣù nìyẹn, gíráàmù 10 lójúmọ́, 70 lọ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ kílóbẹ́tásọ́ọ̀lù ojúlówó ló wà nínú rẹ̀, òfin tí wọ́n kọ mọ́ oògùn náà ni pé àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lò ju gíráàmù 50 lọ lọ́sẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ méjì ní títẹ̀lé ara wọn. Obìnrin yìí ti lò ó fún oṣù 11. Pẹ̀lú gíráàmù 2 péré lójúmọ́ ni wọ́n ti rí i pé ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín lè ṣíwọ́ iṣẹ́. Ìdáhùn kan ṣoṣo yẹn níye lórí ju fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Nígbà tó dé ilé ìtọ́jú, a rí ohun tí kò yà ní fọ́tò. Ìlà gbọọrọ tó jinlẹ̀ wà ní itan rẹ̀ méjèèjì àti lábẹ́ apá rẹ̀. Ó rò pé ọmọ bíbí ló fà á. Ojú rẹ̀ ti ń rí roboto, ó sì ní òun sanra ni. Ìfúnpá rẹ̀ lọ sókè. A ha àpá apá rẹ̀ díẹ̀, a sì rí kòkòrò làpálàpá nínú rẹ̀. Làpálàpá máa ń ní etí tó ga yípo bí òrùka, ojú sì lè dá a mọ̀, àmọ́ sítẹ́rọ́ìdì ti pa etí yẹn rẹ́, ó sì jẹ́ kí kòkòrò náà ráyè gbilẹ̀. Bí mo bá ti torí fọ́tò sọ pé kó ra ìpara ìyún, sítẹ́rọ́ìdì mìíràn ni yóò tún rà. A gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ láti wo kọ́tísọ́ọ̀lù, ìyẹn omi ìsúnniṣe tí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín ń tú jáde, nítorí òwúrọ̀ ló máa ń pọ̀ jù. Tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

A wá wo ìtọ̀ rẹ̀. Purotéènì pọ̀ nínú rẹ̀. Sítẹ́rọ́ìdì kì í sábà fa ìyẹn, nítorí náà a wá mẹ́kúrì lọ, ayẹ̀wò sì fi hàn pé ó wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Kí ni mẹ́kúrì máa ń ṣe nínú ara, báwo ni mo sì ṣe lè fura?

Inú kíndìnrín ló máa ń kó jọ sí jù. Ó lè ba ibi tí kíndìnrín ti ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ jẹ́, kí purotéènì máa jò lọ sínú ìtọ̀. Ohun tí ẹ máa rí nílé ni pé ìtọ̀ ń yọ fóòmù tí kì í tètè lọ, ìpéǹpéjú á wú bí ẹ bá jí láàárọ̀, ẹsẹ̀ á sì wú nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ó tún máa ń wọ inú iṣan ara: ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á dá, inú á máa tètè bí ènìyàn, ìgbàgbé á wọlé, ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa ta ṣíoṣío. Ẹni tó bá ní wọn á sọ pé wàhálà iṣẹ́ ni, kò sì ní ronú kan ike ìpara láéláé.

Bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n tí wọ́n sì dá ìpara náà dúró, ọ̀pọ̀ kíndìnrín ló máa ń padà bọ̀ sípò, àmọ́ oṣù ni a fi ń kà á. Irú mẹ́kúrì yìí máa ń gba nǹkan bí oṣù kan sí méjì kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára.

Ohun kan wà tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mẹ́kúrì kì í dúró sára ẹni tó fi para. Ó máa ń ràn mọ́ táwẹ̀ẹ̀lì, aṣọ ìbora, ìrọ̀rí, ọwọ́ ìlẹ̀kùn, ó sì máa ń di oru tí ará ilé á máa fà símú. Wọ́n ti rí i lára àwọn ọmọ kéékèèké tí kò fọwọ́ kan ike náà rí, nítorí pé ìyá tàbí ìyá àgbà wọn ló ń lò ó. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí mẹ́kúrì nínú ìtọ̀ yín, gbogbo ará ilé ló yẹ kó ṣe ayẹ̀wò, àwọn ọmọ ni kí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é fún.

Ti èmi ní orúkọ ilé iṣẹ́ lára, ó sì ní èdìdì. Ṣé kò bọ́ nínú èyí?

Ó sàn díẹ̀, kò tó láti fọkàn balẹ̀. Ní ọdún 2019, ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní Amẹ́ríkà, obìnrin ẹni ọdún 47 kan dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu tó ń wọ́, ọwọ́ tó kú tipiri, àti ẹsẹ̀ tí kò gbé e dáadáa mọ́. Láìpẹ́, kò mọ ibi tó wà mọ́. Ìpara tó ń fi sójú láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọdún méje ni wọ́n wá rí i pé ó fà á. Ike ilé iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni ike náà. Ẹnì kan ti po nǹkan mọ́ ọn lẹ́yìn tó kúrò ní ilé iṣẹ́, ó sì fi ránṣẹ́ láti Mẹ́síkò. Mẹ́kúrì inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 12,000 nínú mílíọ̀nù kan. Irú mẹ́kúrì oní-mẹ́táìlì, tí wọ́n ń pè ní `methylmercury`, ló jẹ́, èyí tó máa ń wọ ọpọlọ, tó sì burú ju irú tí wọ́n sábà máa ń rí nínú ìpara lọ.

Kí ẹ lè mọ bí iye yẹn ti tó: àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, Àdéhùn Mìnàmátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Japan ní 2013, kọ́kọ́ sọ pé ìpara kò gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 1 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ní 2023, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ pinnu pé kí wọ́n má ṣe fàyè gba ìpara kankan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi mẹ́kúrì sí mọ́ láti 2025.

Ẹ ṣì máa ka ohun tó wà lára ike o, nítorí àwọn kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ ní gbangba. Bí ẹ bá rí `mercurous chloride`, `calomel`, `ammoniated mercury`, `mercurio` tàbí `Hg`, mẹ́kúrì ni. Bí ẹ bá rí `clobetasol`, `betamethasone` tàbí `fluocinonide`, sítẹ́rọ́ìdì ni. Ẹ lè tẹ orúkọ tí ẹ kò mọ̀ sórí fóònù kí ẹ wá a. Àmì mìíràn tí mi ò fojú kékeré wò ni ìkìlọ̀ pé kí ìpara náà má ṣe kan góòlù, fàdákà tàbí álúmínì: mẹ́kúrì ló máa ń jẹ irú irin bẹ́ẹ̀. Ìpara tí kò gbọ́dọ̀ kan òrùka, kí ló ń wá lójú?

Mo ti pinnu láti dá a dúró. Ṣé kí n jáwọ́ lónìí, àbí kí n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀?

Ìbéèrè tó le jù rèé, ìdáhùn tí àwọn èèyàn sì ń fún ara wọn lè pani lára. Bó bá jẹ́ mẹ́kúrì ló wà nínú ike, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi kan ara lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára, tí ẹ sì ti fi para gbogbo ara fún ọ̀pọ̀ oṣù, dídá a dúró lójijì láìsí ẹni tó ń bójú tó yín léwu, nítorí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín ti sùn, kì í sì í jí lọ́jọ́ kan. Ẹ kò mọ èyí tó wà níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ méjèèjì.

Ọ̀nà tí à ń gbà nìyí. Ike yẹn ni kí ẹ fi sílẹ̀ lónìí. Kí ẹ máa dín ohun tí ẹ kò mọ̀ kù díẹ̀díẹ̀ kò bọ́gbọ́n mu, nítorí ẹ kò mọ iye tí ẹ ń dín kù. Lẹ́yìn náà, kí ẹ rí dókítà lọ́jọ́ yẹn tàbí ọjọ́ kejì, kí ẹ sì sọ ohun mẹ́ta fún un: bí ẹ ṣe pẹ́ tó lórí ìpara náà, ibi tí ẹ ń fi pa, àti iye ike tí ẹ ń lò lóṣù. Bó bá rí i pé sítẹ́rọ́ìdì ni, ó lè fún yín ní ojúlówó èyí tó mọ agbára rẹ̀, kó sì máa sọ ọ́ kalẹ̀ láti orí èyí tó le dé orí èyí tó rọ̀. Bí kọ́tísọ́ọ̀lù yín bá ti lọ sílẹ̀ jù, ó lè fún yín ní hàídírókọ́tísónù oníhóró, tó ń dípò rẹ̀, títí ẹṣẹ́ náà á fi jí. Obìnrin inú àpẹẹrẹ mi lo tirẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Bí ẹ bá ti dá ìpara dúró, tí ó wá rẹ̀ yín wọ̀ǹtìwọnti, tí ẹ ń bì, tí ojú ń ṣú yín bí ẹ bá dìde, tàbí tí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru dé bá yín nígbà yẹn, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, ì báà jẹ́ òru. Ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ ti lo sítẹ́rọ́ìdì. Gbólóhùn yẹn lè gba ẹ̀mí là, torí pé wọn kò ní mọ̀ bí ẹ kò bá sọ ọ́.

Ayẹ̀wò wo ló lè sọ ohun tó wà nínú ike náà?

Oríṣi méjì ni, ọ̀kan kò sì lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Fún mẹ́kúrì, ẹ̀rọ kan wà tó ń fi ìtànṣán ẹ́kísìréè ka ohun tó wà nínú nǹkan. Ó ṣe é gbé lọ́wọ́, ó sì ń fún ni lésì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà tó wúwo, bíi irin, ló ń rí dáadáa. Kábọ́ọ̀nù, háídírójìn àti ọ́síjìn ló pọ̀ jù nínú sítẹ́rọ́ìdì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà nínú ọ̀rá ìpara náà, nítorí náà ẹ̀rọ yẹn kò lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ilé àyẹ̀wò tó ní ẹ̀rọ tí ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè rí sítẹ́rọ́ìdì, òun náà sì máa ń nílò kí ẹ sọ ohun tó yẹ kó wá.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi ìwé hàn yín pé wọ́n ti yẹ ìpara òun wò, kò sí mẹ́kúrì nínú rẹ̀, ẹ bi í pé: sítẹ́rọ́ìdì ńkọ́? Kí ẹ sì bi í bóyá ike yìí gan-an ni wọ́n yẹ̀ wò.

Fún ara yín, ìtọ̀ ni wọ́n fi ń wo iyọ̀ mẹ́kúrì. Irun kò wúlò fún irú èyí. Irú oní-mẹ́táìlì ni irun àti ẹ̀jẹ̀ máa ń fi hàn.

Mo lóyún. Mo ń fún ọmọ lọ́yàn.

Ẹ fi ìpara náà sílẹ̀ lónìí kí ẹ sì pe agbẹ̀bí tàbí dókítà yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Mẹ́kúrì máa ń gba inú olóbì kọjá dé ara ọmọ, ó sì máa ń wọ inú ọmú. Ẹ má ṣe já ọmọ lẹ́nu ọmú fúnra yín kí ẹ tó bá wọn sọ̀rọ̀.

Haidirokuínóònù ńkọ́?

Òun náà, ìyẹn kẹ́míkà mìíràn tó ń bó awọ, máa ń wà nínú àwọn ike yìí, lílò ó pẹ́ sì lè mú kí awọ ojú dúdú bíi búlúù, tí yóò sì ṣòroó parẹ́. Mi ò gùn ún lọ níbí nítorí pé awọ ló sábà máa ń bà jẹ́, olúwa rẹ̀ sì máa ń rí i. Sítẹ́rọ́ìdì àti mẹ́kúrì máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí ojú kò tó.

Ṣé kí n má ṣe fi fọ́tò ránṣẹ́ mọ́ ni?

Ẹ fi ránṣẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kó ràn wá lọ́wọ́. Ẹ pa ohun tó ń dán ojú lórí kámẹ́rà. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọ̀sán, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan wá, nítorí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló ń fi ìlà àti ìwúlé hàn. Ẹ ya itan, abẹ́ apá àti inú ìgbọ̀nwọ́ pẹ̀lú, kì í ṣe ojú nìkan. Fọ́tò méjì tí ẹ yà níbì kan náà, lọ́sẹ̀ méjì síra, wúlò fún mi ju ogún tí ẹ yà lọ́jọ́ kan. Pẹ̀lú ìyẹn, èmi á ṣì ní kí ẹ wá kí n fọwọ́ kàn yín.

Kí ni kí n ṣe sí ike tó kù nílé?

Ẹ má ṣe sun ún: iná máa ń sọ mẹ́kúrì di oru, inú ìmí yín ló sì ń lọ. Ẹ má ṣe dà á sínú ibi ìfọwọ́ tàbí ilé ìgbẹ́. Ẹ má ṣe fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ẹ dé e pa, ẹ fi sínú àpò ọ̀rá, ẹ tún fi àpò ọ̀rá kejì bò ó, ẹ dì í, ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé májèlé ni, ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ẹ gbé e wá fún dókítà, nítorí a lè nílò rẹ̀ fún ayẹ̀wò. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí olóró ní àgbègbè yín ni kó gbà á. Táwẹ̀ẹ̀lì àti aṣọ ìrọ̀rí tí ìpara ti rá mọ́, ẹ dì wọ́n lọ́tọ̀ bákan náà títí èsì ayẹ̀wò á fi dé. Bí mẹ́kúrì bá wà níbẹ̀, ẹ má ṣe fọ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ aṣọ àwọn ọmọ. Ẹ kó wọn tẹ̀ lé ike náà.